Mítà pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà, kìlógíráàmù pẹ̀lú gíráàmù: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí a ṣe ń ro wọ́n pọ̀

Kọ́tìnì ni mò ń rán, mo sì ní àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀. Kí ọmọ iṣẹ́ mi tó fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí, mo máa ń jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń ro gígùn fèrèsé bíi mélòó kan pọ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni owó oníbàárà ti ń ṣòfò. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí, pẹ̀lú ti àwọn òbí tó ń bá ọmọ wọn ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ilé kan ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀, ilé oní fèrèsé mẹ́rin.

Kí ló mú àròpọ̀ yìí yàtọ̀ sí àròpọ̀ tí gbogbo wa mọ̀?

Nínú àròpọ̀ tí a mọ̀, tí òpó kan bá ti pé 10, a ó gbé 1 lọ sí òpó tó wà lápá òsì rẹ̀. Tí ìwọ̀n bá ní apá méjì, ọ̀rọ̀ yí padà. Òpó sẹ̀ǹtímítà kò ní nǹkan kan tí yóò gbé fún òpó mítà àfi tó bá pé 100, torí sẹ̀ǹtímítà 100 ló wà nínú mítà 1. Òpó gíráàmù ń dúró di 1,000 kó tó gbé 1 fún kìlógíráàmù. Òpó ìǹṣì kò ní ju 12 lọ kó tó di ẹsẹ̀ bàtà 1. Nítorí náà, kí o tó fi bírò kan ìwé, bi ara rẹ pé: mélòó nínú kékeré yìí ló ń jẹ́ ọ̀kan nínú ńlá? Nọ́ḿbà yẹn ni kí o kọ sókè ìwé náà kí o má bàa gbàgbé.

Àwọn àgbà tó ti ń nájà kó tó di ọdún 1973 mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Títí di ìparí ọdún 1972, kọ́bọ̀ 12 ló ń jẹ́ ṣílè 1 ní Nàìjíríà, ṣílè 20 ló sì ń jẹ́ pọ́n-ùn 1. Ìyá aláta kan á ro kọ́bọ̀ 8 àti kọ́bọ̀ 7 pọ̀ lórí, á sì sọ lójú ẹsẹ̀ pé ṣílè 1 àti kọ́bọ̀ 3 ni, kò jẹ́ sọ pé kọ́bọ̀ 15. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, kọ́bọ̀ 100 wá ń jẹ́ náírà 1. Bí náírà àti kọ́bọ̀ ṣe ń rìn náà ni mítà àti sẹ̀ǹtímítà ń rìn. Ó dùn mí pé ọmọ òde òní kò rí kọ́bọ̀ ná mọ́, torí ẹni tó bá ti fi kọ́bọ̀ 225 ra nǹkan rí kò ní ṣòroó kọ́ pé sẹ̀ǹtímítà 225 jẹ́ mítà 2 àti sẹ̀ǹtímítà 25.

Ẹ bá wa ṣe ọ̀kan ká rí i.

Ilé tí mo sọ yẹn nìyí. Fèrèsé pálọ̀ àkọ́kọ́ fẹ̀ tó mítà 2 àti sẹ̀ǹtímítà 40. Èkejì rẹ̀ ní pálọ̀ jẹ́ mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 85. Ti yàrá jẹ́ mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 5. Ti ilé ìdáná kò pé mítà kan rárá, sẹ̀ǹtímítà 95 ni.

```
mítà | sẹ̀ǹtímítà
  2  |  40
  1  |  85
  1  |  05
  0  |  95
-----------
  4  | 225
```

Wo bí mo ṣe kọ ọ́. Mo fa ìlà sáàárín kí òpó méjèèjì má bàa wọnú ara wọn. Mo kọ 05 dípò 5, mo sì kọ 0 sí ibi mítà ilé ìdáná kí àyè kankan má ṣòfo. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe ló ti ń wá láti inú àyè tí a fi sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan, tí ojú á wá gbé nọ́ḿbà kan sí òpó tí kì í ṣe tirẹ̀.

Apá kékeré ni mo kọ́kọ́ rò: 40, 85, 5 àti 95, àpapọ̀ wọn jẹ́ 225. Nínú 225, 100 wà ní ẹ̀ẹ̀mejì, 25 sì ṣẹ́kù. Mo kọ 25 sílẹ̀ lábẹ́ sẹ̀ǹtímítà, mo sì gbé 2 lọ fún mítà. Mítà tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ 4, pẹ̀lú 2 tí mo gbé wá ó di 6. Ìdáhùn wa ni mítà 6 àti sẹ̀ǹtímítà 25.

Kíyè sí i pé 2 ni mo gbé, kì í ṣe 1. Ó ti mọ́ àwọn ọmọ lára láti ilé ìwé pé ọ̀kan ni wọ́n máa ń gbé, torí nọ́ḿbà méjì péré ni wọ́n sábà máa ń rò pọ̀ níbẹ̀. Tí ohun tí a ń rò bá ti pọ̀, ohun tí a ó gbé lè jẹ́ 2, ó lè jẹ́ 5.

Ṣé mi ò lè sọ gbogbo rẹ̀ di sẹ̀ǹtímítà kí n tó rò ó?

O lè ṣe bẹ́ẹ̀, èmi gan-an sì fẹ́ràn rẹ̀ jù tí mo bá dá nìkan ń ṣiṣẹ́. Mítà 2 àti sẹ̀ǹtímítà 40 di 240. Àwọn yòókù di 185, 105 àti 95. Ro wọ́n pọ̀ bí ẹni ń ro owó, 625 ni. Pa nọ́ḿbà méjì mọ́ láti apá ọ̀tún, 25 nìyẹn, ìyókù jẹ́ mítà 6. Kò sí gbígbé kankan láàárín òpó méjì, torí òpó kan ṣoṣo ló wà.

Àwọn tó ń ya àwòrán ilé ti yan ọ̀nà yìí tipẹ́. Bí o bá wo àwòrán ilé, ó ṣeé ṣe kí o rí 2400 tàbí 1850 lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láìsí orúkọ ìwọ̀n kankan lẹ́yìn rẹ̀. Mìlímítà ni wọ́n, 10 nínú wọn ló ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1. Wọ́n ń lo ìwọ̀n ẹyọ kan jálẹ̀ ìwé náà kí ẹnikẹ́ni má bàa máa gbé nǹkan láti òpó kan sí òmíràn.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń dani ni ìgbà tí a ń yí i padà. Mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 5 kì í ṣe 15, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe 150. Sọ ọ́ sókè: ọgọ́rùn-ún kan pẹ̀lú márùn-ún. 105 ni.

Ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù mi sọ pé 6.7 ni, kì í ṣe 6.25. Èwo ni kí n gbà?

Ẹ̀rọ náà kò ṣìnà, ohun tí o tẹ̀ fún un ló ro. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: o kọ mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 5 gẹ́gẹ́ bí 1.5. Àṣìṣe tí mo ń rí jù nìyí, ojú kì í sì í tètè mú un, torí náà màá dúró lórí rẹ̀ díẹ̀.

Nọ́ḿbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn pọ́íǹtì ń sọ iye ìdá mẹ́wàá mítà tó wà níbẹ̀. Ìdá mẹ́wàá mítà kan sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Nítorí náà 1.5 túmọ̀ sí mítà 1 pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 10 lọ́nà márùn-ún, èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50. Sẹ̀ǹtímítà 5 kò tó ìdá mẹ́wàá kan pàápàá, nítorí náà òdo ló gbọ́dọ̀ jókòó sí àyè àkọ́kọ́, kí 5 wá jókòó sí èkejì: 1.05. Tí sẹ̀ǹtímítà bá ti wà láàárín 1 sí 9, òdo gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀.

Tí a bá tẹ 2.40 + 1.85 + 1.05 + 0.95, ẹ̀rọ náà á gbé 6.25 wá. Tí a bá tẹ 1.5 dípò 1.05, 6.7 ni yóò gbé wá. Sẹ̀ǹtímítà 45 ló fi lé, gbogbo rẹ̀ sì wá láti inú òdo kan tí a kò kọ.

Ohun kan wà tí mo fi ń dá àṣìṣe yìí mọ̀. Tí ọmọ iṣẹ́ méjì bá ro ohun kan náà tí ìdáhùn wọn kò bá ara wọn mu, mo máa ń yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Tí ìyàtọ̀ náà bá ṣeé pín sí 9 láìṣẹ́kù, mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òdo ni ẹnìkan gbàgbé. Níbí, 45 ni ìyàtọ̀, 9 lọ́nà 5 ni, sẹ̀ǹtímítà 5 náà sì ni a kọ sí àyè tí kì í ṣe tirẹ̀. Kì í ṣe àdììtú: sẹ̀ǹtímítà 5 tó di 50 ti fi ara rẹ̀ lọ́nà mẹ́sàn-án lé. Tó bá jẹ́ mítà kan gédégédé ni ìyàtọ̀, ẹnìkan ló gbàgbé láti gbé nǹkan lọ sí òpó mítà.

Ohun mìíràn tún ni pé ẹ̀rọ náà máa ń gé òdo ìparí kúrò. Yóò kọ 2.4 fún 2.40. Má ka ìyẹn sí mítà 2 àti sẹ̀ǹtímítà 4. Fi òdo náà padà sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí o tó kà á.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ìdáhùn mi kò tọ́ láìtún gbogbo rẹ̀ rò?

Ro mítà nìkan. Ti àpẹẹrẹ wa jẹ́ 4. Ìdáhùn kò lè kéré sí 4, torí mítà yẹn ti wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ka iye ohun tí o ń rò pọ̀. Fèrèsé 4 ni, sẹ̀ǹtímítà tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì tó mítà 1, àpapọ̀ gbogbo wọn kò lè tó mítà 4. Nítorí náà ìdáhùn gbọ́dọ̀ wà láàárín 4 sí 8, kò sì gbọdọ̀ kan 8. Tí ìdáhùn bá bọ́ síta ààlà yìí, padà sẹ́yìn.

Ọ̀nà yìí kò lè mú 6.7 tí a sọ lókè, torí 6.7 wà nínú ààlà. Àṣìṣe ńláńlá ló ń mú, pàápàá ti gbígbé. Ọmọ oníbàárà mi kan, ní kíláàsì kẹrin, ro kìlógíráàmù 1 àti gíráàmù 350 pọ̀ mọ́ kìlógíráàmù 2 àti gíráàmù 800. Ó rí gíráàmù 1,150, ó wá pín in sí 100 bíi ti sẹ̀ǹtímítà: ó gbé 11, ó kọ 50 sílẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ di kìlógíráàmù 14 àti gíráàmù 50. Ẹrù méjì tí kìlógíráàmù wọn jẹ́ 3 kò lè tó 5 láéláé, báwo ló ṣe wá di 14? Nígbà tí mo bi í bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló rí i pé 1,000 ló yẹ kí òun fi pín. Kìlógíráàmù 4 àti gíráàmù 150 ni ìdáhùn.

Fèrèsé mi gùn ju téèpù lọ. Ṣé ó ní bí mo ṣe gbọ́dọ̀ kọ ọ́?

Téèpù télọ̀ sábà máa ń parí sí sẹ̀ǹtímítà 150, ìǹṣì 60 sì ni lẹ́yìn rẹ̀. Fèrèsé mítà 2 àti sẹ̀ǹtímítà 40 yóò gba téèpù kan odindi, yóò sì ṣẹ́ku sẹ̀ǹtímítà 90. Àròpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn kí o tó débi ìwé. Fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí téèpù dé, kọ 150 sílẹ̀, sún téèpù síwájú, kọ 90 sábẹ́ rẹ̀. Má ro ó lórí nígbà tí o ṣì wà lórí àkàbà. Mo ti rí ẹni tó kọ 1.90 torí pé "téèpù kan àti 90" ló ń sọ lọ́kàn, téèpù kan sì ti di mítà kan lójú rẹ̀.

Rí i dájú pé ojú kan náà ni o ń kà nígbà méjèèjì. Téèpù aṣọ a máa yí po nígbà tí a bá sún un, tí ojú ìǹṣì á wá sókè láìmọ̀. Tí o bá kà 35 níbi tí o ti rò pé 90 ni yóò jẹ́, ojú ìǹṣì lo ń wò.

Téèpù aṣọ tó ti pẹ́ máa ń fà, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì í ṣe òótọ́ mọ́. Nà án mọ́ rúlà irin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí o fi wò ó. Ti téèpù onírin, ìkọ́ kékeré tó ń mì lẹ́nu rẹ̀ kò bàjẹ́ o. Wọ́n dìídì ṣe é kó máa sún, kí sísanra ìkọ́ náà má bàa wọnú ìwọ̀n, yálà o fi kọ́ nǹkan tàbí o fi ti ògiri.

Mítà ni mo fi wọn fèrèsé, yáàdì ni wọ́n ń ta aṣọ lọ́jà. Ìgbà wo ni kí n yí i padà?

Ní ìparí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní mítà, fi ohun tó yẹ kún un, kí o tó wá sọ àpapọ̀ yẹn di yáàdì. Tí o bá yí fèrèsé kọ̀ọ̀kan padà, tí o sì ń sún un sókè díẹ̀ níkọ̀ọ̀kan kí nọ́ḿbà lè dọ́gba, díẹ̀díẹ̀ yẹn á kóra jọ di yáàdì odindi.

Ẹ jẹ́ ká parí ti ilé wa. Aṣọ tó fẹ̀ ni mo fẹ́ lò, irú èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ tó láti bo fèrèsé láti òkè dé ilẹ̀, tó fi jẹ́ pé gígùn aṣọ ló ń lọ láti ọ̀tún sí òsì. Kí kọ́tìnì tó lè ṣẹ́po dáadáa, mo máa ń lo ìlọ́po méjì fífẹ̀ fèrèsé. Mítà 6 àti sẹ̀ǹtímítà 25 ní ìlọ́po méjì jẹ́ mítà 12 àti sẹ̀ǹtímítà 50. Mo tún fi sẹ̀ǹtímítà 10 kún kọ́tìnì kọ̀ọ̀kan fún etí ọ̀tún àti òsì tí a ó ṣẹ́ rán. Kọ́tìnì 4 ni, sẹ̀ǹtímítà 40 nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ di mítà 12 àti sẹ̀ǹtímítà 90.

Yáàdì 1 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 91.44. Sẹ̀ǹtímítà 1,290 tí a bá pín sí 91.44, yáàdì 14 ni, ó sì ṣẹ́ku bíi sẹ̀ǹtímítà 10, tó jẹ́ ìǹṣì 4 ó kù díẹ̀ kó pé. Yáàdì 14 àti ààbọ̀ ni màá ní kí oníbàárà rà, tàbí 15 tí aláṣọ kò bá gé ààbọ̀.

Wàyí o, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé yáàdì àti mítà kan náà ni. Ẹni tó bá fi ìgbàgbọ́ yẹn lọ sọ́jà á ra yáàdì 13 fún mítà 12 àti sẹ̀ǹtímítà 90, á tún máa dúpẹ́ pé òun fi díẹ̀ lé. Yáàdì 13 kò ju mítà 11 àti sẹ̀ǹtímítà 89 lọ. Mítà kan ó lé díẹ̀ ló fi dín. Yóò padà lọ ra èyí tó kù, ó sì ṣeé ṣe kí àwọ̀ tuntun náà má bá ti àkọ́kọ́ mu mọ́.

Ẹsẹ̀ bàtà àti ìǹṣì ńkọ́? Ṣé pọ́íǹtì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

Kò ṣiṣẹ́. Pọ́íǹtì ń fi 10 rìn, ìǹṣì ń fi 12 rìn. Mítà àti sẹ̀ǹtímítà gbà fún pọ́íǹtì torí pé 100 jẹ́ 10 lọ́nà mẹ́wàá.

Káfíńtà kan fẹ́ ṣe férémù ilẹ̀kùn. Òpó méjì tó dúró, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ìǹṣì 10. Igi òkè jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ìǹṣì 4. Tó bá tẹ 6.10 + 6.10 + 3.4, ẹ̀rọ á fún un ní 15.6, òun á sì kà á sí ẹsẹ̀ bàtà 15 àti ìǹṣì 6. Ṣùgbọ́n ro ìǹṣì fúnra rẹ̀: 10, 10 àti 4 jẹ́ 24, ẹsẹ̀ bàtà 2 gééré nìyẹn, kò ṣẹ́ku. Ẹsẹ̀ bàtà jẹ́ 15, pẹ̀lú 2 ó di 17. Ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ ni ẹ̀rọ yẹn ì bá mú un pàdánù.

Àpapọ̀ tó tọ́ pàápàá kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un. Pákó ẹsẹ̀ bàtà 12 kan àti àjákù ẹsẹ̀ bàtà 5 kan jẹ́ 17 lórí ìwé, síbẹ̀ wọn kò lè ṣe férémù yẹn. Nínú pákó 12, òpó kan yọ, ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ìǹṣì 2 ṣẹ́kù, òpó kejì kò lè jáde níbẹ̀, kò sì lè jáde nínú àjákù 5. Pákó ẹsẹ̀ bàtà 12 méjì ló nílò. Ohun tí a ń gé lódindi gbọ́dọ̀ bá ẹyọ tó wà nílẹ̀ mu, lẹ́yìn tí a bá ti ro àpapọ̀ tán.

Àpótí ẹni tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù: báwo la ṣe ń ro ìwúwo rẹ̀?

Ìyá kan bi mí léyìí nígbà tó ń di ẹrù fún ọmọ rẹ̀. Kìlógíráàmù 23 ni wọ́n ní àpótí náà kò gbọdọ̀ kọjá. Ó ti wọn nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan nílé: èlùbọ́ jẹ́ kìlógíráàmù 5 àti gíráàmù 750, gàrí jẹ́ kìlógíráàmù 6 àti gíráàmù 80, aṣọ jẹ́ kìlógíráàmù 7 àti gíráàmù 900, àpótí tó ṣófo jẹ́ kìlógíráàmù 3 àti gíráàmù 200. Ó tẹ̀ wọ́n sórí fóònù, ó rí 23.65, ó sì ti ń bu gàrí jáde.

Mo ní kó dúró. Gíráàmù nìkan: 750, 80, 900 àti 200 jẹ́ 1,930. Kìlógíráàmù 1 ló wà nínú rẹ̀, gíráàmù 930 ṣẹ́kù. Kìlógíráàmù: 5, 6, 7 àti 3 jẹ́ 21, pẹ̀lú 1 ó di 22. Kìlógíráàmù 22 àti gíráàmù 930. Kò kọjá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ti fóònù jẹ́ gíráàmù 720, èyí tó jẹ́ 80 lọ́nà mẹ́sàn-án. Ẹ ti mọ ibi tí yóò ti wá: ó tẹ 6.8 fún gàrí. Gíráàmù gba àyè mẹ́ta lẹ́yìn pọ́íǹtì, torí náà gíráàmù 80 ni 6.080, gíráàmù 5 ì bá sì jẹ́ 6.005.

Síbẹ̀ mi ò sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀. Gíráàmù 70 péré ló kù kó tó kan ààlà, ìwọ̀n ilé tó fi wọn nǹkan mẹ́rin níkọ̀ọ̀kan sì lè ṣi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní kó di gbogbo rẹ̀ sínú àpótí, kó wá wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, kí àṣìṣe ìwọ̀n má bàa jẹ́ mẹ́rin.

Fèrèsé tí mo ní pọ̀ gan-an, bíi ogójì. Ṣé mo lè fi kọ̀ǹpútà ṣe é?

O lè fi Excel ṣe é. Kọ mítà sí òpó A, sẹ̀ǹtímítà sí òpó B, bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kejì. Tí ogójì fèrèsé bá wà, ìlà ìparí á jẹ́ 41. Èyí ni yóò fún ọ ní mítà:

```
=SUM(A2:A41)+INT(SUM(B2:B41)/100)
```

Èyí ni yóò fún ọ ní sẹ̀ǹtímítà tó ṣẹ́kù:

```
=MOD(SUM(B2:B41),100)
```

`INT` ń sọ iye ìgbà tí 100 wà nínú sẹ̀ǹtímítà, `MOD` ń sọ ohun tó ṣẹ́kù. Fún kìlógíráàmù àti gíráàmù, fi 1000 rọ́pò 100 níbi méjèèjì. Àǹfààní òpó méjì yìí ni pé kò sí pọ́íǹtì nínú ohun tí o ń tẹ̀, 5 á dúró ní 5, kò sí òdo tí o lè gbàgbé.

Báwo ni ìdáhùn ṣe lè péye tó?

Kò lè péye ju bí o ṣe wọn ọ́n lọ. Tí o bá ka téèpù dé sẹ̀ǹtímítà tó sún mọ́ ọn jù, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan lè fi ààbọ̀ sẹ̀ǹtímítà lé tàbí kó fi dín. Fèrèsé 4 lè kó sẹ̀ǹtímítà 2 jọ bí gbogbo wọn bá ṣi sí apá kan náà. Ti ogójì lè tó 20, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó lé àti èyí tó dín sábà máa ń pa ara wọn rẹ́. Nítorí náà mi ò kì í gé aṣọ gééré.

Ohun tí mo kórìíra ni kí ọmọ iṣẹ́ máa sún nọ́ḿbà sí mítà tó sún mọ́ ọn kó tó rò ó, kó lè rọrùn. Fèrèsé wa mẹ́rin á di 2, 2, 1 àti 1, àpapọ̀ 6. Sẹ̀ǹtímítà 25 ti sọnù. Tí a bá wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, sẹ̀ǹtímítà 50 ló sọnù, kọ́tìnì ilé ìdáná sì ni yóò jìyà rẹ̀ torí òun la máa ń gé kẹ́yìn.